Géèmù ló ń kú ni, àbí kọ̀ǹpútà mi ni kò tó o gbé?

Délé_Ìbàdàn
Ọjọ́ Ẹtì, aago 8:14 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ó pé ọjọ́ mẹ́sàn-án lónìí tí mo ra Elden Ring lórí Steam, síbẹ̀ n kò tíì gbádùn rẹ̀ fún ìdajì wákàtí. Bí mo bá ṣí i, á wọlé, àwòrán á máa wọ́ bí ìgbín, nígbà tó bá sì tó bí ìṣẹ́jú mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá, géèmù náà á kàn pa ara rẹ̀ dé láìsọ ohunkóhun, màá sì bá ara mi lójú Windows. Mo ti yọ ọ́ kúrò, mo sì tún gbé e wọlé, ẹ sì mọ bí dátà tó bá irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lọ ti pọ̀ tó, ṣùgbọ́n kò yàtọ̀.

Kọ̀ǹpútà tí mo ń lò kì í ṣe yẹpẹrẹ. Láàpútọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ ni, Core i7 ni, RAM rẹ̀ jẹ́ 8GB, ẹni tó tà á fún mi sì sọ pé káàdì àwòrán inú rẹ̀ jẹ́ 4GB. Mo wo ohun tí géèmù náà béèrè, Core i5 àti káàdì 3GB ni mo rí níbẹ̀, èmi sì ní ju ìyẹn lọ. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé àwọn tó ṣe géèmù yìí ni kò ṣe é dáadáa. Ṣé ẹnikẹ́ni ti rí irú rẹ̀ rí, kí n lè mọ ohun tí màá kọ sí wọn?

Ọmọ_Olúyọ̀lé
aago 8:31 alẹ́

Délé, má wulẹ̀ da ara rẹ láàmú lórí kọ̀ǹpútà. i7 ju i5 lọ, 4GB ju 3GB lọ, ọ̀rọ̀ ti parí níbẹ̀ yẹn. Dráífà káàdì àwòrán rẹ ló ti gbó. Lọ gba tuntun, kí o pa kọ̀ǹpútà náà kí o tún un tàn, kí o sì gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i.

Màmá_Tọ́mi
aago 8:40 alẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o. Àwọn ọmọ mi náà ní irú ìṣòro yìí, géèmù á máa wọ́, lẹ́yìn náà á já. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Nígbà tí a yí síìmù padà, ó dáwọ́ dúró. Ọmọ mi, gbìyànjú síìmù mìíràn kí o tó ná owó lórí ohunkóhun.

Ṣadé_Abẹ́òkúta
aago 8:52 alẹ́

Màmá, ẹ ṣé, àmọ́ bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já, géèmù yẹn á sọ fún un pé òun kò rí ojú òpó mọ́, á sì dá a padà sí ojú ewé ìbẹ̀rẹ̀. Kò ní pa ara rẹ̀ dé. Ó tilẹ̀ ṣeé gbá láìsí nẹ́tíwọ́ọ̀kì rárá.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí èmi rèé. Láàpútọ́ọ̀pù mi ní káàdì méjì: ti Intel tó wà nínú pírósẹ́sọ̀, àti GTX 1650 tó dá dúró. Fún odindi oṣù kan ni géèmù mi fi ń lo ti Intel tí n kò mọ̀, tí mo sì ń bú àwọn tó ṣe é. Mo wọ Settings, mo lọ sí System, lẹ́yìn náà Display, lẹ́yìn náà Graphics, mo mú géèmù náà níbẹ̀, mo sì yan High performance. Láti ọjọ́ náà ni ara ti tù mí. Ó ṣeé ṣe kí ti Délé rí bẹ́ẹ̀, bí káàdì 4GB tó sọ yẹn bá wà níbẹ̀ lóòótọ́.

Alátùnúnṣe
aago 9:20 alẹ́

Ẹ kú ìjókòó o. Iṣẹ́ àtúnṣe kọ̀ǹpútà ni mo ń jẹ, irú ẹjọ́ báyìí sì pọ̀ níwájú mi. Gbólóhùn tí Ṣadé fi parí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni kí a bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀: bí káàdì náà bá wà níbẹ̀ lóòótọ́.

Àbúrò mi Délé, orúkọ tí o fún wa kò tó. Bí ẹni tó ní Tòyótà ni òun ń wà ni, a kò mọ̀ bóyá Kòróólà ni àbí bọ́ọ̀sì Háísì. Orúkọ ìdílé ni Core i7. Láti 2008 ni wọ́n ti ń bí ọmọ sínú ìdílé náà, àgbà àti ọmọdé inú rẹ̀ kò sì lágbára kan náà. Nọ́ńbà àti lẹ́tà tó tẹ̀ lé e ni a nílò. Bákan náà, má fún wa ní ohun tí ẹni tó tà á sọ, fún wa ní ohun tí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ sọ.

Tẹ bọ́tìnì Windows àti R pọ̀, kọ `dxdiag` sínú àpótí kékeré tó bá yọ, kí o sì tẹ Enter. Bí ó bá parí kíkà, wàá rí Save All Information nísàlẹ̀. Tẹ̀ ẹ́, á kọ gbogbo rẹ̀ sínú fáìlì kan. Nínú fáìlì náà, ìlà tó sọ̀rọ̀ nípa pírósẹ́sọ̀, ti RAM, orúkọ káàdì, àti ìlà mẹ́ta tó sọ̀rọ̀ nípa ìrántí káàdì nìkan ni kí o dà síbí. Má da gbogbo fáìlì náà síta, nítorí orúkọ tí o fún kọ̀ǹpútà rẹ wà nínú rẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn ló sì máa ń fi orúkọ ara wọn sọ ọ́.

Lẹ́yìn náà, lọ sí ojú ewé géèmù náà lórí Steam, kí o da ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ Minimum síbí bó ṣe wà gan-an. Má ṣe gé e kúrú.

Délé_Ìbàdàn
aago 9:47 alẹ́

Ẹ ṣeun, ọ̀gá. Ti kọ̀ǹpútà mi rèé:

```
Processor: Intel(R) Core(TM) i7-6600U CPU @ 2.60GHz (4 CPUs), ~2.8GHz
Memory: 8192MB RAM
Card name: Intel(R) HD Graphics 520
Display Memory: 4162 MB
Dedicated Memory: 128 MB
Shared Memory: 4034 MB
```

Ohun tí géèmù béèrè rèé:

```
Processor: INTEL CORE I5-8400 or AMD RYZEN 3 3300X
Memory: 12 GB RAM
Graphics: NVIDIA GEFORCE GTX 1060 3 GB or AMD RADEON RX 580 4 GB
Storage: 60 GB available space
```

Lójú tèmi, RAM nìkan ni kò tó. Ẹ wo 4162 MB níbẹ̀, ó ju 4GB lọ, nítorí náà ẹni tó ta kọ̀ǹpútà náà kò parọ́. Pírósẹ́sọ̀ náà jẹ́ mẹ́rin. Káàdì kan péré ni mo rí, tí àǹtí Ṣadé jẹ́ méjì.

Alátùnúnṣe
aago 10:25 alẹ́

O ṣeun tí o dà á síbí bó ṣe wà. Jẹ́ kí a fi ìlà kọ̀ọ̀kan kojú èkejì rẹ̀, kí a sì bẹ̀rẹ̀ láti orí káàdì, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti fi ọwọ́ pa ọ́ lójú.

Iye tó jẹ́ 4162 yẹn, àpapọ̀ nǹkan méjì ni. Dedicated, èyí tó jẹ́ ti káàdì náà gan-an, kò ju 128 MB lọ. Shared tó jẹ́ 4034 kì í ṣe ti káàdì rárá. RAM rẹ ni. Ohun tí Windows ń sọ ni pé bí káàdì bá fẹ́, ó lè yá tó ìdajì RAM lò. Tí o bá ní ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ náírà lápò, tí mo sì sọ pé àbúrò rẹ lè yá ẹgbẹ̀rún mẹ́rin nínú rẹ̀, ẹ kì í ṣe ẹlẹ́gbẹ̀rún méjìlá. 8GB kan náà ni o kà lẹ́ẹ̀mejì: o kà á fún RAM, o sì tún mú ìdajì rẹ̀ kà fún káàdì. Gbogbo ohun tí káàdì bá yá, géèmù àti Windows ti pàdánù rẹ̀ nìyẹn. Nítorí náà, kì í ṣe pé o fi 4GB dín sí 12GB tí wọ́n béèrè nìkan, nítorí ẹni tó ní GTX 1060 kò fi RAM rẹ̀ bọ́ káàdì, ìwọ ń fi tìrẹ bọ́ ọ.

Ẹ̀wẹ̀, ká tilẹ̀ sọ pé 4GB náà jẹ́ ti káàdì lóòótọ́, iye GB kọ́ ni agbára káàdì. HD Graphics 520 jẹ́ igun kékeré kan nínú pírósẹ́sọ̀, tí a ṣe fún fídíò wíwò àti iṣẹ́ ọ́fíìsì. GTX 1060 jẹ́ káàdì odindi tó ní ìrántí tirẹ̀ àti fáànù tirẹ̀. Ìdí nìyí tí àwòrán fi ń wọ́ bí ìgbín. Ìmọ̀ràn Ṣadé kò lè ràn ọ́ lọ́wọ́, nítorí kò sí káàdì kejì tí géèmù lè bọ́ sí.

Ti pírósẹ́sọ̀: 4 CPUs tí dxdiag kọ kì í ṣe kọ́ọ̀ mẹ́rin. Tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀, lọ sí Performance, kí o sì mú CPU. Wàá rí Cores: 2 àti Logical processors: 4. Òṣìṣẹ́ méjì ni o ní, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń di iṣẹ́ méjì mú. i5-8400 ní kọ́ọ̀ mẹ́fà gidi. Tìrẹ jáde ní 2015, ti ọ̀hún ní 2017. Lẹ́tà U tó wà lẹ́yìn tìrẹ sọ pé wọ́n ṣe é kí ó má jẹ bátìrì, wátì 15 ni wọ́n fi díwọ̀n rẹ̀, nígbà tí ti i5-8400 jẹ́ 65. Nítorí náà, Ọmọ_Olúyọ̀lé, i5 yìí ju i7 yìí lọ fíìfíì.

Nínú ìlà mẹ́rin, mẹ́ta ni kò tó. N kò tíì sọ pé ìyẹn ló ń pa géèmù náà. Ohun tí mo sọ ni pé a kò tíì lẹ́tọ̀ọ́ láti bú ẹnikẹ́ni.

Ọmọ_Olúyọ̀lé
aago 10:33 alẹ́

Ọ̀gá, mo gba ti U yẹn, n kò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ṣì dúró lórí dráífà.

Kọ́lá_Àkúrẹ́
aago 10:58 alẹ́

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dẹ́rù ba ọmọ yìí jù. Minimum kì í ṣe ògiri. GTX 1050 Ti ni mo fi gbá géèmù yìí kan náà parí, ó sì kéré sí GTX 1060 tí wọ́n kọ síbẹ̀. Mo fa gbogbo àwòrán wálẹ̀ sí Low, mo sì fara mọ́ àwòrán 30 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, kò sì kú lójú mi ju ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ. Àwọn tó ń ṣe géèmù máa ń kọ ohun tí wọ́n ti dán wò, wọn kò lè dán gbogbo kọ̀ǹpútà ayé wò.

Ẹ sì jẹ́ kí n fi kún ọ̀rọ̀ ọ̀gá: 1050 Ti mi jẹ́ 4GB, 1060 tí wọ́n béèrè jẹ́ 3GB, síbẹ̀ 1060 ló lágbára jù. Ẹ rí i pé GB kò sọ nǹkan kan fún yín.

Alátùnúnṣe
aago 11:16 alẹ́

Kọ́lá, òótọ́ lo sọ, mo sì fẹ́ kí a ya nǹkan méjì sọ́tọ̀. Bí ohun tí o fi dín bá jẹ́ ti ìyára, bí i tìrẹ, géèmù á lọ́ra, o sì lè fa àwòrán wálẹ̀ kí o fara dà á. Bí ohun tí o fi dín bá jẹ́ ti ààyè, ìyẹn RAM tàbí ìrántí káàdì, kò sí ìdúnàádúrà. Bí géèmù bá béèrè fún ààyè tí kò sì sí, ó lè kú lójú ẹsẹ̀. Ìwọ, mélòó ni RAM tìrẹ?

Kọ́lá_Àkúrẹ́
aago 11:19 alẹ́

16GB.

Alátùnúnṣe
aago 11:34 alẹ́

Ìyàtọ̀ rẹ sí Délé nìyẹn.

Nípa èyí tí wọ́n kọ sábẹ́ Recommended, i7-8700K, RAM 16GB àti GTX 1070 tó jẹ́ 8GB ni ti géèmù yìí. Délé kò tíì dé ibẹ̀, nítorí náà n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Kí ẹ kàn mọ̀ pé ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí kò ní ìtumọ̀ kan náà lọ́wọ́ gbogbo ilé iṣẹ́. Àwọn kan máa ń sọ ọ́ yé wa: ní 2023, àwọn tó ṣe Cyberpunk 2077 tẹ tábìlì kan jáde tó sọ pé Minimum tiwọn jẹ́ fún àwòrán 30 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan lórí Low, Recommended sì jẹ́ fún 60 lórí High, méjèèjì lórí ojú 1080p. Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n gbé iye tí wọ́n béèrè ga, tí wọ́n sì ní kí gbogbo èèyàn lo SSD. Ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò nígbà tó rà á ní 2020 ní láti tún un wò.

Délé, má gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́ lásán. Jẹ́ kí Windows fúnra rẹ̀ jẹ́rìí. Ṣí Event Viewer, lọ sí Windows Logs, lẹ́yìn náà System, kí o wá àkókò tí géèmù kú. Wo bóyá wàá rí Resource-Exhaustion-Detector pẹ̀lú nọ́ńbà 2004. Ìyẹn túmọ̀ sí pé ààyè tán. Wo bóyá wàá rí Display pẹ̀lú nọ́ńbà 4101. Ìyẹn ló ń sọ pé dráífà káàdì kò dáhùn mọ́, tí Windows sì jí i, ẹjọ́ Ọmọ_Olúyọ̀lé nìyẹn. Lẹ́yìn náà kí o sọ iye ààyè tó kù lórí C: fún mi.

Délé_Ìbàdàn
Ọjọ́ Àbámẹ́ta, aago 7:05 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ o. Mo rí 2004 lẹ́ẹ̀mẹ́ta, àkókò rẹ̀ sì bá ìgbà tí géèmù kú mu pẹ́kípẹ́kí. Nínú ọ̀rọ̀ tó kọ, ó dárúkọ àwọn tó gba ààyè jù: `eldenring.exe` ni àkọ́kọ́, `chrome.exe` tẹ̀ lé e. N kò rí 4101 kankan. Lórí C:, 3GB ló kù. SSD 256GB ni, fídíò ilé ìwé ló kún inú rẹ̀.

Jídé_Ọ̀ṣun
aago 7:40 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀, gbogbo ilé. Ọ̀rọ̀ ti dé ibi tí mo mọ̀. Bí RAM bá kún, Windows máa ń yá ààyè lórí dísìkì, ó sì máa ń fẹ ààyè ìyáwó yìí bí ó bá ṣe nílò rẹ̀ tó. Nígbà tí 3GB péré kù, kò rí ibi fẹ̀ sí. Délé, kó fídíò yẹn sí ibòmíràn, kí o pa Chrome pátápátá kí o tó ṣí géèmù, kí o sì ra RAM 8GB kan sí i. Géèmù náà á gbéra, mo fi dá ọ lójú.

Alátùnúnṣe
aago 8:10 àárọ̀

Ti fídíò àti Chrome, mo gbà pátápátá. Ti RAM, n kò ní gbà á nímọ̀ràn láti rà á nítorí géèmù yìí. Ikú náà lè dáwọ́ dúró, àmọ́ àwòrán á ṣì máa wọ́, nítorí káàdì kan náà ló wà níbẹ̀, kò sì ṣeé yọ kúrò nínú láàpútọ́ọ̀pù náà. Owó á ti lọ, géèmù kò ní ṣeé gbá.

Jídé_Ọ̀ṣun
aago 8:22 àárọ̀

Ọ̀gá, ẹ forí jì mí, ẹ gbàgbé nǹkan kan. Káàdì tó ń yá RAM lò máa ń yára sí i bí RAM bá jẹ́ méjì dípò ọ̀kan, nítorí ọ̀nà méjì ni dátà á máa gbà. Bí RAM Délé bá jẹ́ 8GB kan ṣoṣo, tí ó sì fi èkejì sí i, àwòrán náà á yára díẹ̀.

Alátùnúnṣe
aago 8:30 àárọ̀

Òótọ́ ni, mo gbàgbé ìyẹn. Á yára díẹ̀. Díẹ̀ yẹn kò ní gbé HD 520 dé ẹ̀gbẹ́ GTX 1060, àmọ́ bí Délé bá ń ṣe iṣẹ́ mìíràn lórí kọ̀ǹpútà náà, kò ní kábàámọ̀ pé ó rà á. Kí ó kọ́kọ́ ṣí ìsàlẹ̀ kọ̀ǹpútà náà, kí ó wò ó bóyá ibi tí a ń fi èkejì sí wà níbẹ̀, nítorí àwọn kan wà tí wọ́n ti jó RAM mọ́ pátákó inú wọn.

Délé_Ìbàdàn
aago 1:15 ọ̀sán

Mo ti dé o. Mo kó fídíò kúrò, 41GB ló ṣófo báyìí lórí C:. Mo pa Chrome, mo fi gbogbo àwòrán sí Low, mo sì fa ojú rẹ̀ wálẹ̀ sí èyí tó kéré jù. Ó lo ìṣẹ́jú 25 kí ó tó kú, kò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ó ṣì kú. Lọ́tẹ̀ yìí, n kò rí 2004. Ohun tí mo rí wà lábẹ́ Application, Application Error ni, nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 1000, ohun tó sì kọ sínú rẹ̀ ni `Exception code: 0xc0000005`.

Ti wíwọ́ rẹ̀, kò dínkù rárá. Bí ọ̀tá bá gbé idà sókè, mo ti kú kí n tó rí i.

Ọmọ_Olúyọ̀lé
aago 1:22 ọ̀sán

Ẹ rí i! Ààyè wà, ó ṣì kú. Géèmù ló bàjẹ́. Kò sì jẹ́ tuntun: ní ìparí 2020, àwọn pírósẹ́sọ̀ tí kò ní AVX kò lè kọjá ìparí apá àkọ́kọ́ Cyberpunk 2077, àwọn tó ṣe é ló sì tún un ṣe nínú àtúnṣe 1.05. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ẹ̀bi jẹ́ ti oníkọ̀ǹpútà.

Jídé_Ọ̀ṣun
aago 1:35 ọ̀sán

Èmi rò pé RAM rẹ̀ ló ní àbùkù. Mo ti rí 0xc0000005 lórí kọ̀ǹpútà mi rí, nígbà tí mo pààrọ̀ RAM, ó lọ.

Alátùnúnṣe
aago 2:50 ọ̀sán

Ohun tí 0xc0000005 ń sọ kò ju pé ètò kan nawọ́ sí ibi tí kì í ṣe tirẹ̀ nínú ìrántí. Ó lè jẹ́ àṣìṣe inú géèmù. Ó lè jẹ́ RAM tó ní àbùkù. Ó lè jẹ́ dráífà, ó sì lè jẹ́ fáìlì géèmù tó bàjẹ́ nígbà tó ń wọlé. Ibi tí mo ń bá bọ̀ láti àná nìyí. Ká ní kọ̀ǹpútà yìí tó ohun tí wọ́n béèrè ni, ikú yìí ì bá jẹ́ ẹ̀rí tí Délé lè kó lọ bá àwọn tó ṣe géèmù. Lórí ẹ̀rọ tí mẹ́ta nínú ìlà mẹ́rin kò tó, kò sí ẹni tó lè sọ èyí tó jẹ́ ti géèmù àti èyí tó jẹ́ ti ẹ̀rọ, bí ó bá sì kọ̀wé sí wọn, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n á béèrè ni fáìlì dxdiag yẹn. Àpẹẹrẹ tí Ọmọ_Olúyọ̀lé mú wá dára, nítorí a rí ohun tó pa géèmù yẹn. Níbí, a kò tíì rí i.

Nǹkan méjì kò náni lówó. Lórí Steam, tẹ orúkọ géèmù náà pẹ̀lú bọ́tìnì ọ̀tún máòsì, yan Properties, lọ sí Installed Files, kí o sì yan Verify integrity of game files. Lẹ́yìn ìyẹn, tẹ Windows àti R, kọ `mdsched.exe`, kọ̀ǹpútà á pa ara rẹ̀, á tàn, á sì yẹ RAM wò. Ìyẹn á dá Jídé lóhùn.

Màmá_Tọ́mi
aago 3:12 ọ̀sán

Ọmọ mi, mo ti ṣì í mọ̀ lánàá, ẹ má bínú. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọkùnrin ti gbàgbé owó ọmọ yìí. Èmi ni mo ń sanwó géèmù nílé wa, mo sì mọ ìlànà Steam dáadáa: bí kò bá tíì ju ọjọ́ 14 lọ tí o rà á, tí àkókò tí o fi gbá a kò sì tíì tó wákàtí méjì, o lè béèrè kí wọ́n dá owó rẹ padà. Ìṣẹ́jú tí o fi ń dán an wò yìí ni wọ́n ń kà o, kódà bí o bá fi sílẹ̀ lójú ewé ìbẹ̀rẹ̀ tí o lọ jẹun. Wákàtí mélòó ló kọ síbẹ̀ fún ọ báyìí?

Délé_Ìbàdàn
aago 3:20 ọ̀sán

Yéè! Wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 41.

Màmá_Tọ́mi
aago 3:21 ọ̀sán

Má ṣí i mọ́. Wọ help.steampowered.com nísinsìnyí.

Alátùnúnṣe
aago 3:30 ọ̀sán

Màmá, ẹ ṣeun gan-an, ó yẹ kí n ti sọ ìyẹn láti alẹ́ àná. Yíyẹ fáìlì wò kò ní ṣí géèmù, nítorí náà kò ní fi kún àkókò rẹ̀. mdsched náà kò kan Steam.

Ṣadé_Abẹ́òkúta
aago 4:04 ọ̀sán

Délé, bí owó bá padà, wo ohun tí géèmù béèrè kí o tó rà. Stardew Valley béèrè RAM 2GB àti 256 MB fún àwòrán, HD 520 rẹ á gbé e láìjanpata. Mo mọ̀ pé kò jọ Elden Ring rárá, iṣẹ́ àgbẹ̀ ni, ṣùgbọ́n òun ni mò ń gbá nígbà tí ìdánwò bá sún mọ́lé.

Délé_Ìbàdàn
aago 9:38 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o. Mo ti béèrè owó padà, wọ́n ní àwọn ti gba ìbéèrè mi, n kò tíì rí èsì. Steam yẹ fáìlì wò, ó ní kò sí èyí tó bàjẹ́. Mo ṣí ìsàlẹ̀ kọ̀ǹpútà náà, RAM kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ààyè kejì sì ṣófo, nítorí náà Jídé, màá bá ọ sọ̀rọ̀ lórí iye tó ń lọ báyìí. Ti mdsched, ó dé ìdá 40 nínú 100 láìrí àbùkù kankan kí iná tó lọ, bátìrì mi sì kú kí ó tó parí. Bí iná bá dé lóru, màá tún un bẹ̀rẹ̀.